Páìpù omi gbígbóná olóòrùn: láti inú pánẹ́ẹ̀lì dé ẹnu ẹ̀rọ ìwẹ̀

Pánẹ́ẹ̀lì tí mò ń sọ níbí kì í ṣe èyí tó ń fún wa ní iná. Àpótí pẹlẹbẹ ni, gíláàsì ni ojú rẹ̀, abẹ́ gíláàsì náà sì ni àwọn páìpù bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ irin dúdú wà. Oòrùn á mú irin dúdú gbóná, irin á mú páìpù gbóná, omi inú rẹ̀ á sì gbóná. Irú èyí tí kò lo pọ́ǹpù rárá ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ, nítorí náà á gòkè fúnra rẹ̀ láti inú pánẹ́ẹ̀lì lọ sínú táǹkì tó wà lókè rẹ̀, omi tútù tó wúwo á sì sọ̀ kalẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì wá dípò rẹ̀. Bí oòrùn bá ṣì ń ràn, omi á máa yípo. Kò kan NEPA.

Omi kì í dì ní ilẹ̀ wa, ìdí nìyẹn tí omi tí a máa fi wẹ̀ gan-an fi lè gba inú pánẹ́ẹ̀lì kọjá. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbọdọ̀ ṣe é báyìí, torí omi á dì sínú páìpù lọ́jọ́ òtútù, á sì ya á. Tiwọn gba kí omi tí wọ́n po oògùn tí kì í jẹ́ kó dì mọ́ máa yípo lọ́tọ̀, kí ó má pàdé omi ìwẹ̀.

Ilé tí màá fi ṣe àpẹẹrẹ jẹ́ ilé ilẹ̀ ní Ìbàdàn, ènìyàn márùn-ún ló ń gbé e, táǹkì ike wà lórí irin gíga lẹ́yìn ilé, omi sì ń ti ibẹ̀ ṣàn wọlé. A fẹ́ fi pánẹ́ẹ̀lì kan kún un, gígùn rẹ̀ mítà 2, ìbú rẹ̀ mítà 1, àti táǹkì omi gbígbóná tó ń gba lítà 150. Omi tó ń ti táǹkì ike yẹn wá, èyí tí màá máa pè ní táǹkì òkè, máa ń wà ní nǹkan bí 26°C. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá dára, pánẹ́ẹ̀lì yìí lè gbé lítà 150 náà dé nǹkan bí 50°C. Bí a bá rìnrìn àjò tí ẹnikẹ́ni kò fa omi fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó lè kọjá 70°C. Nínú oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú, ó lè má ju 40°C lọ púpọ̀. Ẹ fi àwọn ìwọ̀n yìí sọ́kàn, torí wọ́n máa padà wá nígbà tí a bá dé balùwẹ̀.

Gíga ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n

Kí ẹnikẹ́ni tó ra páìpù kan, ẹ mú tépù ìwọ̀n, ẹ kọ gíga ohun gbogbo láti ilẹ̀ sórí ìwé. Pọ́ḿbà tó bá ní òun á máa fojú díwọ̀n rẹ̀ bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ, ẹ dá a dúró ná.

Ohun tó fà á ni pé agbára tó ń ti omi yípo kéré gan-an. Ká ní omi inú pánẹ́ẹ̀lì jẹ́ 60°C, tí omi tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì sì jẹ́ 45°C. Lítà kan ti àkọ́kọ́ wọn gíráàmù 983, lítà kan ti èkejì wọn 990. Gíráàmù 7 péré ni wọ́n fi ju ara wọn lọ. Bí gíga láàárín wọn bá jẹ́ mítà kan, gbogbo ipá tó ń ti omi náà kò ju ti omi tó jìn ní mìlímítà 7 lọ. Ipá yẹn ló gbọ́dọ̀ gbé omi gba inú páìpù, inú gbogbo ìgbọ̀nwọ́ páìpù, àti inú pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Ẹ wá rí i pé kò sí ìdáríjì fún páìpù tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tàbí ìgbọ̀nwọ́ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, tàbí ibi tí páìpù ti tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kí ó tó tún gòkè.

Nínú ilé tiwa, ìsàlẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì wà ní mítà 3.3 láti ilẹ̀. Mo gbé e ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní dígírì 15, nítorí náà òkè rẹ̀ dé mítà 3.8. Ìsàlẹ̀ táǹkì omi gbígbóná wà ní mítà 4.2, ìyẹn ni pé ó fi sẹ̀ǹtímítà 40 ga ju òkè pánẹ́ẹ̀lì lọ. Táǹkì náà dùbúlẹ̀, òkè rẹ̀ sì dé mítà 4.7. Ìsàlẹ̀ táǹkì òkè, èyí tó jẹ́ ike, wà ní mítà 5.2, bí ó bá kún, ojú omi rẹ̀ dé mítà 6.4.

Sẹ̀ǹtímítà 40 yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Bí oòrùn bá wọ̀, pánẹ́ẹ̀lì á tutù ju táǹkì lọ. Bí táǹkì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pánẹ́ẹ̀lì tàbí tó rẹlẹ̀ sí i, omi tó tutù nínú pánẹ́ẹ̀lì á máa sọ̀, á máa fa omi gbígbóná jáde láti inú táǹkì wá, àyípo náà á sì yí padà di òdìkejì. Pánẹ́ẹ̀lì á máa fi gbogbo òru tú ooru tó kó jọ lọ́sàn-án ká sí ojú ọ̀run. Ẹ má ṣe jẹ́ kó dín sí sẹ̀ǹtímítà 30. Àwọn kan á ní kí a fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn sí ojú páìpù náà; fáàfù lásán nílò ipá tó ju mìlímítà 7 lọ kó tó ṣí, kò sì ní jẹ́ kí omi yípo lọ́sàn-án pẹ̀lú.

Táǹkì lítà 150 tó kún wúwo tó kílò 200, irin rẹ̀ sì tún wà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí òrùlé, kí kápẹ́ńtà yẹ igi ibẹ̀ wò. Lójú tèmi, ó sàn kí alurinmọ́rin ṣe pẹpẹ kan sára irin táǹkì òkè, ní abẹ́ táǹkì ike náà, kí pánẹ́ẹ̀lì sì wà níwájú rẹ̀ lórí irin tirẹ̀.

Kí ojú pánẹ́ẹ̀lì kọ sí gúúsù. Ní Ìbàdàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń bọ́ sí apá àríwá díẹ̀, òjìji irin táǹkì lè tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ sórí pánẹ́ẹ̀lì tó wà ní gúúsù rẹ̀. Nínú oṣù Kẹfà, ohun tó bá fi mítà 2.6 ga ju pánẹ́ẹ̀lì lọ á ju òjìji tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 75 lọ́sàn-án gangan. Ẹ fi mítà kan ó kéré tán sáàárín wọn, ó ti tán. Bí ilẹ̀ wa ṣe sún mọ́ ìlàjì ayé, dígírì 7 sí 8 tó láti gba oòrùn, ṣùgbọ́n mo máa ń lo 15 kí omi lè rí ọ̀nà gòkè, kí òjò sì lè fọ erukú ọyẹ́ kúrò lójú gíláàsì.

Páìpù láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti táǹkì

Ihò mẹ́rin ni pánẹ́ẹ̀lì sábà máa ń ní, méjì nísàlẹ̀, méjì lókè. Ẹ lo méjì tó kọjú sí ara wọn ní ìdábùú: kí omi tútù wọlé láti ìsàlẹ̀ apá òsì, kí omi gbígbóná jáde láti òkè apá ọ̀tún. Ẹ dí méjì yòókù pa. Báyìí ni omi á ṣe pín káàkiri gbogbo páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀. Bí ẹ bá lo méjì tó wà ní apá kan náà, ìdajì pánẹ́ẹ̀lì lè máa gbóná lásán láìsí omi tó ń kó ooru rẹ̀ lọ. Ẹ tún gbé apá tí omi gbígbóná ń gbà jáde sókè pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 2, kí afẹ́fẹ́ má rí ibi sápamọ́ sí.

Páìpù bàbà nìkan ni kí ẹ lò níbí, mìlímítà 22 ó kéré tán. Bí páìpù bá gùn ju mítà 3 lọ ní apá kan, ẹ mú 28. Mo mọ̀ pé bàbà wọ́n, mo sì mọ̀ pé gbogbo pọ́ḿbà ló ní ẹ̀rọ tó ń yọ́ páìpù aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n tẹ PPR sí lára. Páìpù yẹn dára fún inú ilé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí omi bá tán nínú pánẹ́ẹ̀lì tí oòrùn sì ń mú, ooru inú rẹ̀ lè kọjá 150°C dáadáa, kò sì sí páìpù omi oníke kankan tó lè dúró dè é. PVC funfun tí a ń lò fún omi tútù á ti rọ̀ kí ó tó dé ibẹ̀ rárá. Fún oríkèé, ẹ lo èyí tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì fún mọ́ra, tàbí kí ẹ jó o pọ̀ pẹ̀lú bràásì.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ so bàbà mọ́ páìpù irin tí wọ́n fi síǹkì bò, ẹ fi oríkèé idẹ sáàárín wọn, kí bàbà sì wà lẹ́yìn irin ní ọ̀nà tí omi ń gbà ṣàn. Omi tó ti gba inú bàbà kọjá máa ń jẹ síǹkì, ìpẹtà á sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ìgòkè. Láti ẹnu pánẹ́ẹ̀lì dé ẹnu táǹkì, kí páìpù omi gbígbóná máa gòkè láìdúró, sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé lẹ́fẹ̀lì lé e lórí ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ibi tí páìpù bá ti tẹ̀ wálẹ̀, tó wá tún gòkè, afẹ́fẹ́ á há síbẹ̀, èyí tí àwọn pọ́ḿbà ń pè ní éà lọ́ọ̀kì. Afẹ́fẹ́ tó gùn tó ìka kan ti ju ipá tó ń ti omi lọ, àyípo á sì dúró. Dípò ìgbọ̀nwọ́ tó ṣẹ́ gbọnrangandan, ẹ tẹ páìpù fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀pá, tàbí kí ẹ lo ìgbọ̀nwọ́ onídajì méjì. Páìpù omi tútù tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì náà gbọ́dọ̀ máa sọ̀ láìgòkè, kí ẹ sì fi ẹnu ẹ̀rọ kékeré kan sí ibi tó rẹlẹ̀ jù, tí a lè máa gbà da ẹ̀gbin àti iyẹ̀pẹ̀ kànga jáde.

Ẹ bo páìpù méjèèjì pẹ̀lú rọ́bà dúdú oníhò tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ń lò, kí ó nípọn tó mìlímítà 19. Oòrùn á jẹ rọ́bà yẹn láàárín ọdún díẹ̀ bí ẹ kò bá fi páànù fẹ́ẹ́rẹ́ wé e.

Táǹkì àti ihò márùn-ún rẹ̀

Táǹkì tó dára jẹ́ ti irin tí kì í dípẹtà tàbí irin tí wọ́n fi tánganran bo inú rẹ̀, fóòmù tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sì yí i ká. Èyí tó bá jẹ́ tánganran máa ń ní ọ̀pá magnẹ́síọ̀mù kan nínú. Ọ̀pá yẹn ni ìpẹtà á máa jẹ dípò ara táǹkì. Ẹ máa yọ ọ́ wò lọ́dọọdún, pàápàá bí omi yín bá jẹ́ ti bóhóólù, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti ku ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀.

Ihò márùn-ún ló yẹ kí ó ní. Méjì wà nísàlẹ̀: ọ̀kan ń gba omi tútù láti táǹkì òkè, èkejì ń fún pánẹ́ẹ̀lì ní omi. Ẹ̀kẹta wà ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gíga rẹ̀, ibẹ̀ ni omi gbígbóná ń ti pánẹ́ẹ̀lì wọlé. Ẹ̀kẹrin wà lókè pátápátá, òun ni páìpù tó ń lọ sínú ilé. Ẹ̀karùn-ún náà wà lókè, òun sì ni páìpù èémí.

Páìpù èémí ni ààbò gbogbo ẹ̀rọ yìí, òun sì ni mo ti rí tí wọ́n dí pa jù lọ, torí pé ó ń kán omi sílẹ̀. Omi tó gbóná máa ń gbòòrò. Lítà 150 tó bá ti 25°C lọ sí 80°C á fi nǹkan bíi lítà 4 pọ̀ sí i, irin táǹkì kò sì ní nà fún un. Lítà mẹ́rin yẹn á padà gba páìpù omi tútù lọ sínú táǹkì òkè, nítorí náà ẹ má ṣe fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sí ojú páìpù yẹn láé. Fáàfù tí a lè fi ọwọ́ tì fún àtúnṣe tó, kí ẹ sì yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò kí ọmọdé má baà tì í. Bí ooru bá wá pọ̀ jù tí omi ń hó, páìpù èémí ni oru omi á gbà jáde.

Gíga rẹ̀ ní ìṣirò. Omi gbígbóná fúyẹ́, nítorí náà nínú páìpù èémí, ojú omi á máa ga ju ti táǹkì òkè lọ díẹ̀. Òfin tí àwọn pọ́ḿbà ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń lò ni kí ẹ fi mìlímítà 150 kún ojú omi táǹkì òkè nígbà tó bá kún, kí ẹ sì tún fi mìlímítà 40 kún un fún mítà kọ̀ọ̀kan láti ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú ẹ̀rọ náà. Nínú ilé wa, láti ìsàlẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì ní mítà 3.3 dé ojú omi ní mítà 6.4 jẹ́ mítà 3.1. Ogójì lọ́nà 3.1 jẹ́ 124; ẹ fi 150 kún un, ó di 274. Mo gbé ẹnu páìpù èémí sí mítà 6.7, ìyẹn ni sẹ̀ǹtímítà 30 lókè ojú omi. Kí páìpù yìí jẹ́ mìlímítà 22, kí ó máa gòkè láìtẹ̀, kí ẹ má fi fáàfù kankan sí i. Ẹ dojú ẹnu rẹ̀ kọlẹ̀, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì idẹ bo ó nítorí ẹ̀fọn, kí ó sì kán sí ibi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kán sínú táǹkì ike. Bí omi híhó bá ń dà sínú ike fún ìgbà pípẹ́, ike náà lè rọ̀ kí ó sì ya.

Ohun tí mo sọ yìí wà fún omi tó ń ti táǹkì òkè ṣàn. Bí ilé bá ń lo pọ́ǹpù tó ń fún omi ní ipá, tí táǹkì gbígbóná sì dí pa, páìpù èémí kò ṣeé lò mọ́. Ó di dandan kí ẹ fi fáàfù ààbò tó ń ṣí fún ooru àti fún ipá sára táǹkì, àti ìkòkò rọ́bà tó ń gba omi tó bá gbòòrò. Iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, owó rẹ̀ sì yàtọ̀.

Lílú omi kí ó tó dé ara ènìyàn

Bí omi bá ti gbóná nínú táǹkì, ọ̀pọ̀ ènìyàn á fẹ́ dín ooru rẹ̀ kù láti ibẹ̀ kí ó má baà jó ọmọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ́ Lẹ́jìónẹ́là, tó máa ń fa òtútù àyà líle fún ẹni tó bá fa ìrì omi rẹ̀ símú lábẹ́ ṣáwà. Láàárín 20°C sí 45°C ló ti ń bí sí i. Ní 60°C, kì í pẹ́ kó tó kú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí táǹkì gbóná bó ṣe fẹ́, kí ẹ wá lú omi náà nígbà tó bá ń sún mọ́ balùwẹ̀. Nígbà òjò, bí omi bá ti wà ní 40°C fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ fi iná bọ́ìlà inú táǹkì gbé e dé 60°C kí ẹ tó wẹ̀ lábẹ́ ṣáwà.

Ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú lílú yìí ni pé omi 60°C lè bó awọ àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ní 50°C, ó tó ìṣẹ́jú bíi márùn-ún. Awọ ọmọdé àti ti arúgbó kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a sì máa ń wẹ̀ nínú bókẹ́ẹ̀tì: ọmọ á ṣí omi gbígbóná sínú bókẹ́ẹ̀tì tán kí ó tó rántí pé òun ní láti bu omi tútù lú u.

Mísà lásán tó wà lára ògiri balùwẹ̀ kò tó. Ọwọ́ ni a fi ń yí i, kò mọ̀ bóyá omi tó ń bọ̀ jẹ́ 45°C lónìí tàbí 75°C lọ́la. Ohun tí ẹ fẹ́ ni èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní tẹ́ńpárìn fáàfù. Ẹnu mẹ́ta ló ní, ti omi gbígbóná, ti omi tútù, àti ti omi tó ti lú. Ìda kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń wú bí omi bá gbóná, tó sì máa ń sún ìlẹ̀kùn inú fáàfù náà kí omi tútù lè pọ̀ sí i. Kò nílò iná. Ẹ wo ara rẹ̀ kí ẹ tó san owó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí wọ́n ṣe fún sólà, tó lè gba omi tó ju 90°C lọ. Èyí tí wọ́n ṣe fún bọ́ìlà lásán lè bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá rìnrìn àjò.

Ẹ tún wo ipá tó nílò. Ẹnu ṣáwà wa wà ní mítà 2 láti ilẹ̀, ìsàlẹ̀ táǹkì òkè wà ní 5.2. Bí omi táǹkì bá ti fẹ́ tán, mítà 3.2 ló ń ti omi, ìyẹn ni nǹkan bíi báà 0.31. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí ara fáàfù pé ó nílò báà 1, omi á máa sun ni, kò ní dà. Ohun tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnìkan nínú ilé á bínú pe pọ́ḿbà kó wá yọ ọ́, wọ́n á sì padà sí omi tó ń jóni. Ẹ béèrè èyí tó ń ṣiṣẹ́ láti báà 0.1.

Omi tútù tó wọ fáàfù yìí gbọ́dọ̀ wá láti táǹkì òkè kan náà tó ń fún táǹkì gbígbóná ní omi. Ilé kan wà tí wọ́n fi pọ́ǹpù sí ojú omi tútù nìkan kí ṣáwà lè yára. Kò pẹ́ tí páìpù èémí bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sórí òrùlé ní gbogbo ìgbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́. Omi tútù tó ní ipá ń gba inú fáàfù kọjá, ó ń ti omi gbígbóná padà sínú táǹkì, ó sì ń tì í jáde lókè. Nítorí náà, ẹ fi fáàfù kékeré tí kì í jẹ́ kí omi padà sí ẹnu gbígbóná àti ẹnu tútù ti tẹ́ńpárìn fáàfù, àti asẹ́ tó ń sẹ́ iyẹ̀pẹ̀ sí iwájú wọn. Ibí yìí kì í ṣe ojú àyípo pánẹ́ẹ̀lì, ipá omi sì tó láti ṣí wọn.

Mo máa ń pín páìpù gbígbóná sí méjì. Ọ̀kan lọ sí ilé ìdáná láìlú, torí a nílò omi tó gbóná dáadáa láti fọ ìkòkò ọlọ́ràá, àgbàlagbà ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ fi àmì pupa sí ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀. Èkejì lọ sínú tẹ́ńpárìn fáàfù, lẹ́yìn náà sí balùwẹ̀. Ẹ gbé fáàfù náà sún mọ́ balùwẹ̀, nítorí omi tó ti lú tó wá dúró sínú páìpù wà ní ooru tí Lẹ́jìónẹ́là fẹ́ràn gan-an. Páìpù gígùn tún ń fi omi ṣòfò. Mítà 12 ti páìpù tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 20 gba nǹkan bíi lítà 3.8. Bí ṣáwà bá ń tú lítà 6 jáde ní ìṣẹ́jú kan, ẹ máa dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 38 kí omi gbígbóná tó dé.

Kíkún omi sí i àti yíyẹ̀ ẹ́ wò

Ní òwúrọ̀ kùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ kún un, pẹ̀lú tápólì lórí pánẹ́ẹ̀lì. Omi tútù tó bá wọ pánẹ́ẹ̀lì tó ti gbóná látàárọ̀ á di oru lójijì, ó lè jó yín, ó sì lè já oríkèé. Ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ gbígbóná kan nínú ilé, ẹ ṣí omi láti táǹkì òkè díẹ̀díẹ̀, kí omi máa ti ìsàlẹ̀ gòkè kí ó sì máa ti afẹ́fẹ́ jáde níwájú rẹ̀. Nígbà tí ẹnu ẹ̀rọ bá dẹ́kun títọ́ afẹ́fẹ́, ẹ tì í. Ẹ yẹ gbogbo oríkèé wò pẹ̀lú bébà ìnujú, torí ojú kì í rí omi tó ń rin lára bàbà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ yọ tápólì kúrò, ẹ dúró fún wákàtí kan, kí ẹ sì fi tẹmọ́mítà kan páìpù tó ń jáde láti òkè pánẹ́ẹ̀lì àti èyí tó ń wọlé nísàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá fi nǹkan bíi 10°C sí 15°C ju èkejì lọ, omi ń yípo dáadáa. Bí èyí tó ń jáde bá ń jóni, tí ìsàlẹ̀ tutù, tí ẹ sì ń gbọ́ ìró bíi kíkàn nínú pánẹ́ẹ̀lì, éà lọ́ọ̀kì ni. Ẹ padà gbé lẹ́fẹ̀lì lé páìpù lórí, ẹ máa rí ibi tó ti tẹ̀ wálẹ̀. Ní alẹ́, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ẹ fọwọ́ kan páìpù òkè yẹn ní ibi tó sún mọ́ pánẹ́ẹ̀lì. Ó yẹ kí ó ti tutù. Bí ó bá ṣì gbóná, omi ń yípo sódì, ẹ gbé táǹkì sókè sí i.

Tẹ́ńpárìn fáàfù ni ó kẹ́yìn. Ẹ dúró di ìgbà tí táǹkì bá ti kọjá 55°C, torí fáàfù náà nílò omi gbígbóná tó fi 10°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ohun tí ẹ fẹ́ kí ó jáde. Ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ balùwẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ti tẹmọ́mítà bọ inú omi tó ń dà, kí ẹ wá yí orí fáàfù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúró sí 42°C. Bí táǹkì bá jẹ́ 65°C tí omi tútù jẹ́ 26°C, lítà 10 tó bá jáde ní nǹkan bíi lítà 4 omi gbígbóná àti lítà 6 omi tútù nínú. Fún ilé tó ń fi bókẹ́ẹ̀tì wẹ̀, ẹ lè gbé e dé 45°C, torí bókẹ́ẹ̀tì máa ń tutù díẹ̀ kí ènìyàn tó bọ́ aṣọ tán. Ẹ má kọjá ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, bí omi bá ṣì ń ṣàn, ẹ ti omi tútù tó ń wọ fáàfù náà pátápátá. Omi tó ń jáde gbọ́dọ̀ dúró tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bí ó bá ń dà lọ tí ó sì ń gbóná sí i, fáàfù náà kò dára, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ tún ìdánwò yìí ṣe ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Omi bóhóólù tó ní ẹ̀fun máa ń lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn inú fáàfù. Bí ó bá ti ń lọ́ra, ẹ tú u, ẹ rì í sínú ọtí kíkan fún òru kan, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dá a padà, kí ẹ sì tún ooru rẹ̀ wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ sí abúlé fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi tápólì bo pánẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó jáde. Bí ẹ bá padà dé, ẹ jẹ́ kí ẹnu ẹ̀rọ balùwẹ̀ dà fún ìṣẹ́jú mélòó kan pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí, kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ ṣáwà.